Náílọ́nù Búrẹ́dì Dà? Bí A Ṣe Ń Fi Ìwé Ìṣúná Lé Ẹlòmíràn Lọ́wọ́

Ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ní kí n bá àwọn ṣe ìwé ìṣúná ọdún kan sínú Ẹ́kísẹ́lì. Mo ṣe é tán, ó wá ku kí n fi í lé àwọn akáńtì wọn mẹ́ta lọ́wọ́ kí n máa lọ. Alhaja tó ni ilé búrẹ́dì wo ojú-ewé àkópọ̀, ó mú kakulétọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó gbójú sókè.

"Ẹ ní ẹ ti fi owó náílọ́nù kún un. Kí ló dé tí iye tí búrẹ́dì kan ń ná mi kò fi sún?"

₦985 ni iye náà kí n tó fi náílọ́nù sí i. ₦985 náà ló ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ₦40 ni wọ́n ń ra náílọ́nù kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí ojú-ewé àyẹ̀wò. Gbogbo rẹ̀ ló ń sọ pé "O DAA".

Mo ti kọ mẹ́mò ojú ewé méjì tí n óò fi sílẹ̀ fún àwọn akáńtì náà. Ọjọ́ yẹn ni mo ya á, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ti àkọ́kọ́ sọ ibi tí nǹkan wà nínú ìwé náà. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ní láti sọ ibi tí ìwé náà kò ríran dé.

Bí ilé náà ṣe pín

Ojú-ewé márùn-ún ló wà nínú fáìlì náà, mẹ́mò sì kọ́kọ́ sọ bí owó ṣe ń gba inú wọn kọjá. `IFOJUDA` ni ibi kan ṣoṣo tí ènìyàn ti lè fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà: iye àpò fúláwà, owó àpò kan, iye ọjọ́ tí wọ́n ń yan búrẹ́dì lóṣù, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. `TITA` àti `INAWO` ń mú nọ́ńbà láti ibẹ̀, wọ́n ń ṣírò oṣù méjìlá. `AKOPO` ni Alhaja ń wò. `AYEWO` ni ó ń ṣọ́ àwọn yòókù.

Àwọ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀. Nọ́ńbà tí ènìyàn tẹ̀ jẹ́ aró, èyí tí fọ́múlà mú jáde jẹ́ dúdú. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà aláró níbòmíràn yàtọ̀ sí `IFOJUDA`, ẹnìkan ti ṣe ohun tí kò yẹ. Owó fúláwà oṣù kan, fún àpẹẹrẹ, kò gbọdọ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn ju èyí lọ:

```
=IFOJUDA!$C$4*IFOJUDA!$C$5*IFOJUDA!$C$6
```

Ìyẹn ni iye ọjọ́, lọ́nà iye àpò lójúmọ́, lọ́nà owó àpò kan. Ọjọ́ 26, àpò 20, ₦60,000: ₦31,200,000 lóṣù. Àpò kan ń mú búrẹ́dì 100 jáde, nítorí náà búrẹ́dì 52,000 ni wọ́n ń yan lóṣù.

Ohun tí a fojú dá, àti ìdí rẹ̀

Mẹ́mò tó bá kàn kọ "ọjọ́ 26" sílẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, mo kọ ibi tí mo ti rí i, ọjọ́ tí mo rí i, ẹni tó lè yí i padà, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Méjì nínú wọn gbà mí ní àlàyé gígùn.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ 26 yẹn. Wọn kì í yan búrẹ́dì lọ́jọ́ Àìkú, mo sì fi ọjọ́ 26 sí oṣù kọ̀ọ̀kan kí ìṣirò lè rọrùn. Lọ́dún, ọjọ́ 312 ni yóò jẹ́, èyí tó sún mọ́ òtítọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n Fẹ́búárì ọlọ́jọ́ 28 kò ní ju ọjọ́ iṣẹ́ 24 lọ. Ọjọ́ méjì, àpò 20 lójúmọ́, ₦60,000: owó fúláwà Fẹ́búárì yóò fi ₦2,400,000 dín sí ohun tí ìṣúná kọ. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo ń ṣe é yóò rò pé àwọn tó ń ra ọjà ti dá owó sí. Wọn kò dá kọ́bọ̀ sí. Èmi ni mo ka ọjọ́ tí kò sí mọ́ oṣù. Nítorí náà mẹ́mò sọ ọ́ gbangba: bí Fẹ́búárì bá dín ní nǹkan bí ₦2,400,000 lórí fúláwà, ẹ má yọ̀, ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Èkejì ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8, lórí owó oṣù gan-an pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀. Àròpọ̀ méjèèjì jẹ́ 18, 18 yìí ni wọ́n sì ń san fún àwọn tó ń tọ́jú owó náà. Níbẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ìdá 8 ti òṣìṣẹ́ ti wà nínú owó oṣù rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ńṣe ni a yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Nínú ilé búrẹ́dì yìí, owó tí a ń ṣírò lé lórí jẹ́ ₦3,000,000 lóṣù. Ìnáwó tó tún kún un fún ilé iṣẹ́ jẹ́ ₦300,000, kì í ṣe ₦540,000. Bí ẹnìkan bá rí 10 nínú `IFOJUDA`, tó rántí 18 tó ń san ní báǹkì, tó sì "tún un ṣe", yóò ka ₦240,000 lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kọ̀ọ̀kan, ₦2,880,000 lọ́dún. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà pé: 10 ni, ẹ má sọ ọ́ di 18, ìdí rẹ̀ nìyí.

Àyẹ̀wò tó gbọ́ ẹnu ẹnìkan

Nígbà náà, kí ló ṣe náílọ́nù? Lójú-ewé `INAWO`, àwọn ohun tí a ń náwó lé lórí wà láti ìlà 5 dé ìlà 16. Oṣù méjìlá wà láti òpó B dé M, àròpọ̀ ọdún sì wà ní òpó N. Nígbà tí mo fẹ́ fi náílọ́nù kún un, mo fi ìlà tuntun kan sábẹ́ ìlà 16, lókè àròpọ̀. Náílọ́nù di ìlà 17, àròpọ̀ sún sí ìlà 18. Ṣùgbọ́n fọ́múlà àròpọ̀ náà ṣì dúró ní `SUM(B5:B16)`. Kò nà dé ibi tí mo fẹ́ kó dé, èmi náà kò sì wò ó.

Àyẹ̀wò mi rí báyìí:

```
=IF(ABS(INAWO!N18-SUM(INAWO!B18:M18))<1,"O DAA","WO O")
```

Ó ń ro iye náà láti òkè sísàlẹ̀, ó tún ń rò ó láti òsì sí ọ̀tún, ó wá ń wò ó bóyá méjèèjì bára mu. Ó fi àyè náírà kan sílẹ̀ nítorí kọ́bọ̀ tó máa ń ṣẹ́kù. Àyẹ̀wò gidi ni, ó máa ń mú àṣìṣe tó bá wà nínú òpó kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìlà 17 kò sí nínú àròpọ̀ kankan, yálà ti oṣù tàbí ti ọdún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bára mu. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Orí `SUM` kan náà ni ẹlẹ́rìí mi méjèèjì ti gbọ́ ọ̀rọ̀. ₦40 lọ́nà búrẹ́dì 52,000 jẹ́ ₦2,080,000 lóṣù, ₦24,960,000 lọ́dún, "O DAA" sì wà lórí rẹ̀.

Irú àṣìṣe yìí ti bá àwọn tó mọ̀ jù mí lọ. Ní 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff gbé iṣẹ́ kan jáde lórí gbèsè ìjọba àti ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé. Ní 2013, Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, gba fáìlì wọn, ó sì rí i pé fọ́múlà kan dúró ní ìlà 44 níbi tó yẹ kó dé ìlà 49. Ọsirélíà, Ọ́sítríà, Bẹ́ljíọ̀mù, Kánádà àti Dẹ́nímáàkì kò wọ inú ìṣirò. Kì í ṣe èyí nìkan ni wọ́n bá wọn jà lé lórí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ń lo Ẹ́kísẹ́lì lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nínú ìwé tuntun, mo fi ìlà òfìfo aláwọ̀ eérú kan sókè àròpọ̀, mo sì jẹ́ kí `SUM` kà á mọ́ra. Òkè ìlà eérú yìí ni kí ẹ ti máa fi ìlà tuntun sí, kí ó lè bọ́ sínú àròpọ̀ dandan. Mo tún fi àyẹ̀wò kan kún un tí kò gba ọ̀nà `INAWO` rárá: iye àkáǹtì ìnáwó tó wà nínú lẹ́jà ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ bá iye ìlà tó wọ àròpọ̀ mu. Mo sì kọ ìbéèrè Alhaja sí ìparí rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: nígbàkígbà tí ẹ bá fi ìnáwó kún un, ẹ wo iye búrẹ́dì kan. Bí kò bá sún, ẹ padà.

Ẹ yí nọ́ńbà kan padà

Apá tó kẹ́yìn nínú mẹ́mò jẹ́ iṣẹ́ tí mo fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n fi ₦1,000 kún owó àpò fúláwà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n retí sórí ìwé. Àpò 520 lóṣù: ₦520,000. Lọ́dún: ₦6,240,000. Lórí búrẹ́dì kan: ₦10 géérégé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó kéré jù nínú wọn ló ṣe é. Ó pè mí wá sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. ₦5,720,000 ni mo rí."

Ó fi ₦520,000 dín, oṣù kan géérégé. A tẹ Ctrl àti `` ` ``, gbogbo fọ́múlà yọ jáde, a sì rí Sẹ́tẹ́ńbà: 31200000, nọ́ńbà lásán láàárín fọ́múlà mọ́kànlá. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń fi ìṣirò wé iye tí oníṣòwò fúláwà mú wá, mo sì gbàgbé. Mi ò tilẹ̀ yí àwọ̀ rẹ̀ sí aró. Nítorí pé ó bá ohun tí fọ́múlà ìbá mú jáde mu, kò sí àyẹ̀wò tó lè rí i, àfi ìgbà tí owó fúláwà bá yí padà.

A fi àyẹ̀wò kan kún `AYEWO` tó ń ka iye fọ́múlà tó wà nínú ìlà fúláwà:

```
=IF(SUMPRODUCT(--ISFORMULA(INAWO!B5:M5))=12,"O DAA","WO O")
```

Lábẹ́ rẹ̀ nínú mẹ́mò, ọmọbìnrin náà fi kálàmù kọ ọ́ pé ìlà 5 nìkan ni èyí ń ṣọ́, pé ìlà yòókù ṣì kù. Mo ní kó fọwọ́ sí i.