Ẹ̀rọ ló ya póstà, ló bá sọ ‘ọkọ́’ di ‘ọkọ’: Bí ẹ ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ tó péye sórí àwòrán

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ló ti ń ṣe póstà ọjà wọn fúnra wọn báyìí. Wọn yóò kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sórí fóònù, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá yóò sì gbé àwòrán tó dán jáde kíákíá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ bá kọ sínú àwòrán náà kì í sábà pé, pàápàá tó bá jẹ́ Yorùbá.

Ká ní ẹnì kan tó ń ta irinṣẹ́ oko ní Ṣakí fẹ́ kí póstà òun sọ pé, “A ń ta ọkọ́ àti àdá.” Bí ẹ̀rọ bá gbàgbé àmì orí “ọkọ́”, ohun tí póstà náà yóò sọ ni pé wọ́n ń ta ọkọ tí obìnrin ń fẹ́. Bó bá yí àmì náà padà, ó di ọkọ̀ tí èèyàn ń wọ̀. Bí wọ́n bá sì ti tẹ ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀, owó ti bá omi lọ nìyẹn.

Kí ló fà á? Ẹ̀rọ yìí kì í kọ̀wé bí èèyàn ṣe ń kọ ọ́, ńṣe ló ń ya ohun tó jọ ìwé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ tó dàrú bí iyanrìn, yóò wá máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi jọ àwọn àwòrán tó fi kọ́ṣẹ́. Bí ewé igi kan bá yẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ lẹ́tà kan bá yẹ̀, kíá lojú máa rí i.

Ìdí kejì ni fífún àwòrán pọ̀. Àwọn ẹ̀ẹ́kán àwọ̀ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán ni wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ Stable Diffusion, tó jáde lọ́dún 2022, máa ń fún àwòrán tó jẹ́ píksẹ́lì 512 ní ìbú àti òró pọ̀ di 64 kó tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìyẹn ni pé ibi tó tó píksẹ́lì 8 sí 8 di ẹyọ kan ṣoṣo. Bí lẹ́tà bá kéré, àmì abẹ́ “ọ” kì í tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń sọnù.

Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀rọ tó jáde láti ọdún 2023 ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú dáadáa. Ṣùgbọ́n àwòrán tó ní Yorùbá alámì nínú kò pọ̀ níbi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ̀rọ ya àwòrán nìkan, kí ẹ̀yin fi ọwọ́ ara yín kọ ọ̀rọ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé kó má kọ nǹkan kan, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ “má ṣe”. Ohun tó yẹ kó wà ní àyè náà ni kí ẹ ṣàpèjúwe, bí irú èyí:

```
new hoes and cutlasses on a wooden table,
plain cream wall filling the top third
```

Ara ògiri tó ṣófo lókè yẹn ni ọ̀rọ̀ yóò wà. Ẹ gbé àwòrán náà sínú Canva lórí fóònù, tàbí Inkscape lórí kọ̀ǹpútà, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Gboard ní kíbọọ̀dù Yorùbá tí ẹ lè fi tẹ̀ ẹ́.

Irú lẹ́tà tí ẹ bá yàn, ìyẹn fọ́ńtì, ló kù. “Ẹ́” kì í ṣe ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà. “Ẹ” ni, tí wọ́n wá fi àmì lé lórí. Fọ́ńtì tí kò mọ èyí yóò ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó gbé àpótí òfìfo jáde. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ tẹ èyí wò:

```
ọ̀ ẹ́ ṣ Ọ̀ Ẹ́
```

Bí lẹ́tà kan bá nípọn ju ìyókù lọ, ẹ̀rọ ti yá a láti inú fọ́ńtì mìíràn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Noto Sans àti Charis SIL máa ń gbé gbogbo àmì wọ̀nyí dáadáa.

Tó bá ku kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ó lè jẹ́ pé fọ́ńtì yín kò sí lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Nínú Inkscape, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ẹ wá yan ọ̀rọ̀ náà nínú ẹ̀dà kejì, kí ẹ tẹ `Path > Object to Path`, kí ẹ sì fi pamọ́ bíi `PDF`. Lẹ́tà ti di àwòrán ìlà nìyẹn. Kò ní yí padà mọ́, ẹ kò sì ní lè tún un kọ, ìdí nìyí tí ẹ fi tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́.

Lórí bébà A4, atẹ̀wé nílò nǹkan bíi píksẹ́lì 2480 ní ìbú kí àwòrán tó mọ́ kedere. Èyí tó jẹ́ 1024 yóò ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà yín kò ní ṣú.

Ẹ má sì dá póstà tó ti parí padà sínú ẹ̀rọ ayàwòrán pé kó tún un ṣe, torí ó lè tún lẹ́tà náà yà. Kí atẹ̀wé tẹ ẹyọ kan péré ná. Ẹ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí i pé ọkọ́ ṣì jẹ́ ọkọ́, kó tó tẹ ìyókù.