"Bẹ́ẹ̀ Ni" Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò ìdá. Ó bi wọ́n pé: "Ṣé ó yé yín?" Wọ́n pariwo pé: "Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí!" Ṣùgbọ́n nínú ìwé wọn, ọ̀pọ̀ ló kọ 1/2 + 1/3 = 2/5, èyí tí kò tiẹ̀ tó ìdajì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ìpele mẹ́fà tí Graham Gibbs là kalẹ̀ ní 1988: ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe rí lára, ohun tó dára àti èyí tó kù, ìdí rẹ̀, ẹ̀kọ́ ibẹ̀, àti ohun tó kàn láti ṣe. Ní ìpele kejì, inú ń bí i. Ó ní àwọn ọmọ kò fetí sílẹ̀. Ìpele kẹrin ló là á lójú: wọ́n fetí sílẹ̀, àmọ́ kò fi hàn wọ́n pé ègé ìdá méjèèjì kò dọ́gba.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pín bébà sí ègé mẹ́fà. Ìdajì gba mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta gba méjì: 5/6. Kò bi wọ́n bóyá ó yé wọn mọ́. Oníkálukú kọ ìdáhùn tirẹ̀. Àwọn díẹ̀ ṣì ṣì í. Ìyẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà.