Rìsíìtì Oṣù Kejì, Iye Owó Oṣù Kẹfà

Àǹtí mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, èmi ni mo sì bá wọn kọ sáìtì tí àwọn oníbàárà wọn tó wà lókèèrè fi ń rajà. Ní oṣù Kẹfà, oníbàárà kan tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù padà sórí sáìtì náà láti gba rìsíìtì ọjà tó ti rà láti oṣù Kejì. Aṣọ ẹgbẹ́ ni, akápò ẹgbẹ́ sì fẹ́ rí ìwé kó tó dá owó rẹ̀ padà. Ó tẹ bọ́tìnnì, rìsíìtì PDF bọ́ sórí fóònù rẹ̀, ó ṣí i, ó sì pe àǹtí mi lójú ẹsẹ̀.

Àǹtí mi náà pè mí. “Kí ni ẹ̀rọ rẹ yìí kọ fún oníbàárà mi? Obìnrin yẹn san 26,767 náírà àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Rìsíìtì tìrẹ ní 34,400 ni. Ó ń bi mí bóyá òun ṣì jẹ mí lówó.”

“Ẹ má bínú, mà,” ni mo dá wọn lóhùn. “Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi.”

Ìgbà tí mo ṣí i ni mo rí i pé àṣìṣe owó nìkan kọ́. Níbi tó yẹ kí orúkọ ọjà wà, ohun tó wà níbẹ̀ ni `Àdìr? ?l??k?`. Àmì náírà pàápàá ti di àmì ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ orí sáìtì ni ó ti mú ìwé náà, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti hàn kedere: Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ, ìdì méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì yẹn. Laravel ni mo fi kọ sáìtì náà. Ètò orí sáfà á lọ sí ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀, á kó àwọn nǹkan tó jẹ mọ́ ọ́dà náà jáde, á sì dà wọ́n sínú ojú ìwé HTML kan tí a ti fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún orúkọ, iye àti àpapọ̀. Lẹ́yìn náà ni ètò mìíràn tó ń jẹ́ dompdf á sọ HTML yẹn di PDF. HTML dà bí aṣọ tí a kò tíì rán: fóònù kékeré àti kọ̀ǹpútà ńlá ló máa gé e bó ṣe bá wọn mu. PDF ti di ẹ̀wù rírán. Ojú ìwé A4 fẹ̀ tó pọ́íǹtì 595, ó sì ga tó 842, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi pàtó tí wọ́n gbé e sí nínú ààyè yẹn. Ìdí nìyí tí akápò ẹgbẹ́ fi lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù kó sì rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí a tẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Àṣìṣe owó ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló lè ba orúkọ àǹtí mi jẹ́. Nígbà tí mò ń kọ ètò náà, ohun tí mo jẹ́ kí ọ́dà kọ̀ọ̀kan rántí ni nọ́ńbà ọjà àti iye ìdì tí ènìyàn rà. Bí rìsíìtì bá fẹ́ mọ iye owó, ó máa ń lọ wo àtẹ ọjà. Ní oṣù Kejì, àtẹ ọjà sọ pé ìdì kan jẹ́ 12,450 náírà. Ní oṣù Kẹfà, lẹ́yìn tí aró àti aṣọ funfun ti gbówó lórí, àǹtí mi ti sọ ọ́ di 16,000. Rìsíìtì náà ò parọ́ nípa iye tí wọ́n ń tà lónìí. Ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejì ni kò mọ̀ rárá, nítorí èmi ni kò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ní ìṣẹ́jú tí ẹni tó ń rajà bá sanwó, kí ètò da orúkọ ọjà àti iye rẹ̀ kọ sínú ọ́dà fúnra rẹ̀:

```php
$oda->items()->create([
    'oruko_oja' => $oja->oruko,
    'iye_kobo'  => $oja->iye_kobo,
    'oye'       => 2,
]);
```

Láti ìgbà náà, rìsíìtì kì í yọjú sí àtẹ ọjà mọ́. Àǹtí mi lè yí iye padà lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́sẹ̀, ó tilẹ̀ lè yọ ọjà náà kúrò lórí sáìtì pátápátá.

Ohun kan náà ni mo ṣe fún owó-orí ọjà, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ ètò máa ń gbàgbé. Títí di oṣù Kìíní ọdún 2020, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà ní Nàìjíríà. Láti oṣù Kejì ọdún náà ló ti di ìdá 7.5. Ẹni tó bá kọ 7.5 mọ́ inú kóòdù rìsíìtì, tí oníbàárà ọdún 2019 sì wá gba ìwé tirẹ̀, á fún un ní ìwé tó sọ pé ó san owó-orí tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Nítorí náà, ìdá tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ọ́dà pẹ̀lú iye ọjà.

Ẹ ti rí i pé `iye_kobo` ni mo kọ. Kọ́bọ̀ ni mò ń kà, n kì í ka náírà tó ní àmì ìdá. Bí ẹ bá ní kí Python ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, èsì tí ẹ máa rí ni 0.30000000000000004, torí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú ìdá kò ṣe rẹ́gí pẹ̀lú tiwa. Odidi nọ́ńbà kò ní ìṣòro yìí. Ìdì méjì ní 12,450 jẹ́ 24,900 náírà, ìyẹn 2,490,000 kọ́bọ̀. Ẹ fi 75 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 1,000 pín in, owó-orí rẹ̀ á jẹ́ 186,750 kọ́bọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,676,750 kọ́bọ̀, èyí tí í ṣe 26,767 náírà àti àádọ́ta kọ́bọ̀ tí obìnrin Peckham yẹn san gan-an. Kọ́bọ̀ náà ni Paystack, tí wọ́n ń gba owó nípasẹ̀ rẹ̀, ń kọ sílẹ̀, ìyẹn ló sì gbà mí lọ́wọ́ àwọn ọ́dà àtijọ́: mo mú àkọsílẹ̀ owó tó wọlé, mo sì fi bá a ṣe iye tó yẹ kó wà nínú ọ́dà kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku àmì ìbéèrè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni PDF ti ní fọ́ǹtì mẹ́rìnlá tí gbogbo ètò tó ń ṣí i gbọ́dọ̀ mọ̀, Helvetica, Times àti Courier wà lára wọn. Bí ẹ kò bá yan fọ́ǹtì fún dompdf, ọ̀kan nínú wọn ló máa lò, lẹ́tà tó sì lè fi wọ́n kọ kò ju ti àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lọ. À àti ì wà níbẹ̀, torí àwọn Faransé àti Ítálì ń lò ó. Ẹ àti ọ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àmì náírà. Ohun tí kò bá mọ̀, àmì ìbéèrè ló máa fi rọ́pò rẹ̀. Dompdf gbé fọ́ǹtì mìíràn dání tó mọ gbogbo wọn, kìkì pé ènìyàn gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀:

```css
body { font-family: "DejaVu Sans", sans-serif; }
```

Àmì náírà jáde lójú ẹsẹ̀. Àdìrẹ jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo Ẹlẹ́kọ dáadáa, àmì ohùn tó yẹ kó jókòó sórí ẹ́ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Á tó ní àmì ohùn jẹ́ ẹyọ lẹ́tà kan lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ́ tó ní àmì nísàlẹ̀ àti lókè kò ní ẹyọ tirẹ̀: ẹ̀yà méjì ni, ẹ, lẹ́yìn náà àmì ohùn tí yóò gùn ún. Inú fọ́ǹtì ni ìlànà bí àmì ṣe máa gun lẹ́tà wà, dompdf kì í sì í ka ìlànà náà. Mi ò lè fi rìsíìtì bẹ́ẹ̀ lé oníbàárà lọ́wọ́. Ẹni tó ń ta ọjà tí Ẹ̀gbá fi lókìkí kò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ọjà náà ní wọ́gọwọ̀gọ.

WeasyPrint, tí wọ́n fi Python kọ, ń ka ìlànà yẹn. Mo fi Laravel sílẹ̀ láti máa tọ́jú ọ́dà àti láti ṣe HTML, mo sì gbé iṣẹ́ sísọ ọ́ di PDF fún WeasyPrint:

```python
import unicodedata
from weasyprint import HTML

html = unicodedata.normalize("NFC", html)
HTML(string=html).write_pdf("risiti-214.pdf")
```

Ìlà tó ní `normalize` yẹn wúlò nítorí pé bọ́tìnnì fóònù kan lè kọ é kó tó fi àmì sísàlẹ̀ sí i, òmíràn lè kọ ẹ kó tó fi àmì ohùn sí i. Ojú wa kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀. NFC sọ méjèèjì di ọ̀kan.

Lórí kọ̀ǹpútà mi, gbogbo rẹ̀ dùn-ún wò. Mo gbé e sórí sáfà, àwọn àpótí òfo ló gba ipò lẹ́tà. WeasyPrint kì í gbé fọ́ǹtì dání, àwọn tó bá bá lórí ẹ̀rọ ló ń lò, sáfà tí a rẹ́nì sì sábà máa ń wá láìní fọ́ǹtì kankan. Mo fi `apt install fonts-dejavu-core` sí i, ó tán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ fọ́ǹtì tó wọ inú PDF yín, ẹ tẹ `pdffonts risiti-214.pdf`. Bí ẹ bá rí Helvetica, tí ọ̀wọ́ `emb` sì kọ `no`, ẹ ti mọ ibi tí àmì ìbéèrè ti ń bọ̀.

Nọ́ńbà 214 yìí ló jẹ́ kí n rí àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Òun ló wà ní ìparí líǹkì rìsíìtì. Mo yí i sí 213, rìsíìtì ẹlòmíràn sì jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Àyà mi já. Ohun tí ètò mi ń bèèrè kò ju bóyá ọ́dà náà wà lọ. Ní báyìí, àárín ọ́dà ẹni tó wọlé nìkan ló ń wá a:

```php
$oda = auth()->user()->orders()->findOrFail($id);
```

Mo fi àkáǹtì mìíràn wọlé, mo béèrè 214, 404 ni mo rí. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí àǹtí mi sọ fún obìnrin Peckham pé kó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kọ ọ́ padà ní ìrọ̀lẹ́ pé akápò ti gbà á: Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ, ìdì méjì, ₦26,767.50.