Nígbà Tí “Ọmọ Ìkálẹ̀” Di “Ömö Ìkálê”

Ẹnìkan fi fáìlì oríkì kan ránṣẹ́ sí mi láti Òkìtìpupa. Ó ti yí i sí Yúníkóòdù, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí n ti ka “Ọmọ Ìkálẹ̀”, “Ömö Ìkálê” ni mo rí.

Kì í ṣe ìyípadà náà ló bàjẹ́. Kóòdù àtijọ́ náà ò ní ju àyè 256 lọ, kò sì sí ọ tàbí ẹ níbẹ̀. Fọ́ǹtì tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kàn ya ọ sórí àyè ö ni. Nígbà tí fọ́ǹtì kúrò, ö yọjú.

Mo wá àwọn ọ̀rọ̀ tó dá mi lójú, mo fi wọ́n mọ lẹ́tà tó dúró fún èwo, mo wá pààrọ̀ wọn lórí kọ̀ǹpútà:

```
sed 's/Ö/Ọ/g; s/ö/ọ/g; s/ê/ẹ̀/g' oriki.txt > atunse.txt
```

Ẹ wo ẹ̀ dáadáa: ẹ àti àmì ohùn tó tẹ̀ lé e ni, nítorí Yúníkóòdù ò fún un ní àyè ẹyọ kan.

Àmọ́ tó bá jẹ́ “?” lẹ rí dípò lẹ́tà, lẹ́tà yẹn ti sọnù nìyẹn. Fáìlì àkọ́kọ́ nìkan ló lè dá a padà, torí náà ẹ má pa á rẹ́.