Ìwé Kan Náà sí Òtẹ́ẹ̀lì Mẹ́fà

Ẹni tó bá ti ṣe Ùmúrà ní ìparí oṣù ààwẹ̀ rí mọ bí Mẹ́kà ṣe ń kún fọ́fọ́ nígbà náà. Kí ajẹ́ńtì tó lè dá iye lé ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ fún èrò rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ kọ̀wé sí òtẹ́ẹ̀lì bíi mẹ́fà lọ́hùn-ún, kó béèrè iye tí wọn yóò gbà. Inú ìwé yìí gan-an ni èrè tàbí gbèsè rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìbéèrè bá lọ́jú pọ̀, ìdáhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò dé, kò sì ní sí èyí tó ṣeé fi wé èkejì.

Ká ní èrò 120 ni ajẹ́ńtì kan n'Íbàdàn fẹ́ kó lọ. Ohun tó máa ń yá ẹni lára ni kéèyàn fi 4 pín 120, kó béèrè yàrá 30 ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sùn ti ta? Bí tọkọtaya 15 bá wà nínú wọn, yàrá ẹlẹ́ni méjì 15 nìyẹn. Ó ku ọkùnrin 40 àti obìnrin 50. Àwọn ọkùnrin yóò kún yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin 10 géérégé. Àwọn obìnrin yóò kún 11, yóò wá ku ẹni mẹ́fà tí wọn yóò gba yàrá ẹlẹ́ni mẹ́ta méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ yàrá 38. Ajẹ́ńtì tó kọ 30 yóò máa wá yàrá mẹ́jọ kiri nígbà tí ọjà ti gbóná.

Ọjọ́ ló kàn. Nínú kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí, òru ló ń ṣáájú ọ̀sán. Nítorí náà, òru kọkànlélógún ààwẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ogúnjọ́. Ẹni tó fẹ́ bá òru náà ní Mẹ́kà ní láti gba yàrá láti ogúnjọ́. Kí ajẹ́ńtì kọ ọjọ́ ti òyìnbó sí ẹ̀gbẹ́ ti ààwẹ̀, kí àríyànjiyàn má bàa wà. Oṣù sì lè pé 29 tàbí 30, nítorí náà kó béèrè tẹ́lẹ̀ iye tí òru kan yóò jẹ́ bó bá lé.

Owó ló ń tan èèyàn jù. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ní yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin jẹ́ 500 ríyà lóru kan. Èkejì ní 620. Ojú lásán yóò mú ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n iye ti àkọ́kọ́ kò ní owó orí ọjà nínú, èyí tó jẹ́ ìdá 15 nínú 100 ní Saudi láti oṣù keje ọdún 2020. Yàrá náà di 575. Kò tún ní sààrì nínú. Bí sààrì bá jẹ́ 25 ríyà lórí ẹnì kan, ẹni mẹ́rin di 100, yàrá sì di 675. Owó orí àti sààrì ti wà nínú 620 ti èkejì ní tirẹ̀. Àlàfo 55 ríyà ló wà láàárín wọn. Lórí yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin 21 fún òru mẹ́wàá, ó jẹ́ 11,550 ríyà. Ríyà 3.75 ló ń ṣe dọ́là kan, nítorí náà 3,080 dọ́là ni ajẹ́ńtì ìbá sọ nù.

Ọ̀rọ̀ "kò jìnnà sí Hárámù" náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan ń ka mítà títí dé etí àgbàlá Mọ́sáláṣí lóde, kì í ṣe dé ibi Káábà. Òkè sì pọ̀ ní Mẹ́kà: 500 mítà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í ṣe 500 mítà lórí òkè fún ìyá ẹni 70 ọdún. Ìbéèrè tó dáa ni: ìṣẹ́jú mélòó ni ẹsẹ̀ arúgbó yóò fi dé ibẹ̀? Ṣé òkè wà lọ́nà? Ẹ̀rọ agbénisókè mélòó ló wà, nígbà tí gbogbo ilé bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kírun pọ̀? Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni wọn yóò fi gbé wọn, ṣé ó ń rìn ní gbogbo òru?

Ohun tó kẹ́yìn ni ọjọ́ tí òtẹ́ẹ̀lì yóò di yàrá mú dà láìgba owó, iye àsansílẹ̀ tí yóò gbà lẹ́yìn náà, àti ohun tí yóò dá padà bí físà èrò mẹ́wàá kò bá jáde. Ìdáhùn tí kò bá dárúkọ èyí kò tíì pé, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra Ùmúrà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí ajẹ́ńtì yín fi ìdáhùn òtẹ́ẹ̀lì hàn yín. Ẹ wo orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, iye ẹni tó wà nínú yàrá, ọjọ́ tí ẹ ó wọlé, àti bóyá sààrì wà nínú owó. Bí kò bá lè fi hàn yín, ó lè jẹ́ pé kò tíì béèrè rárá.