Kí A Takò, Kí Ọ̀rọ̀ Má Bàjẹ́: Lẹ́tà Ìfèsì sí Olùyẹ̀wò Jọ́nà

Ní ọdún 1936, Albert Einstein àti Nathan Rosen fi iṣẹ́ ìwádìí kan ránṣẹ́ sí jọ́nà Physical Review ní Amẹ́ríkà. John Tate, olóòtú jọ́nà náà, kò tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé e fún onímọ̀ mìíràn kà, ẹni yẹn sì kọ nǹkan bí ojú ìwé mẹ́wàá láti fi ibi tí àṣìṣe wà hàn. Inú bí Einstein. Ó fèsì pé òun kò fún wọn láyè láti fi iṣẹ́ òun han ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, pé òun kò sì rí ìdí tí òun yóò fi máa dáhùn ọ̀rọ̀ ẹni tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde nínú jọ́nà mìíràn ní 1937, ìparí rẹ̀ ti yí padà, torí pé àṣìṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ayé tó mọ̀ pé Howard Robertson ni olùyẹ̀wò náà.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ju ìbínú lọ ni pé nínú gbogbo ojú ìwé mẹ́wàá yẹn, lẹ́tà Einstein kò dáhùn kókó kan ṣoṣo. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣì ń jáde lójoojúmọ́ láti ọwọ́ àwọn tí wọn kò ní orúkọ Einstein láti fi gbẹ́kẹ̀ lé, wọ́n sì ń fi í pàdánù iṣẹ́ tó dára.

Fún ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ: olùkọ́ fásitì tó bá parí ìwádìí a fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà. Olóòtú a wá onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, òǹkọ̀wé kì í mọ orúkọ wọn, jọ́nà kì í sì í sanwó fún wọn. Bí wọn kò bá kọ iṣẹ́ náà, tí wọn kò sì gbà á bó ṣe wà, wọn a ní kí ó lọ tún un ṣe. Nígbà tó bá ń padà bọ̀, nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ kó wá: iṣẹ́ tí ó ti tún ṣe, àti lẹ́tà tó fi dáhùn ohun tí olùyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan sọ. Lẹ́tà yìí ni olóòtú sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní olùkọ́ kan wọn ìfúnpá obìnrin oníṣòwò 312 ní ọjà kan ní Ìbàdàn, ó sì bi wọ́n nípa iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ. Ohun tí Olùyẹ̀wò Kejì kọ rèé, láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá: “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wọn ìfúnpá, èyí kò sì tó. Wọn kò pín àwọn obìnrin náà sí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn tí kò ní. Bí wọn kò bá sì tẹ̀lé wọn fún ọdún kan, mi ò lè gbà pé iyọ̀ ló fà á.”

Olùkọ́ wa jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ èsì: “Olùyẹ̀wò kò ka iṣẹ́ wa dáadáa. A ti sọ ọ́ kedere pé ẹ̀ẹ̀mẹta la wọ̀n ọ́n. Pípín èèyàn sí ọ̀nà méjì kò bá ìmọ̀ ìṣirò mu. Kò sì sí owó tí a ó fi tẹ̀lé ẹnikẹ́ni fún ọdún kan.” Ní òwúrọ̀, ó kà á fún ọ̀gá rẹ̀.

“Ṣé irọ́ wà níbẹ̀ ni, mà?”

“Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta ló bi ọ́, ìwọ sì dà wọ́n pọ̀. Èwo nínú èyí lo fi dáhùn ọ̀rọ̀ pé iyọ̀ ló fà á?”

Kò sí. Ibẹ̀ ni àtúnkọ ti bẹ̀rẹ̀. Ó pín ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò sí mẹ́ta, ó fún wọn ní nọ́ńbà: 2.1, 2.2, 2.3. Olùyẹ̀wò kejì ni 2 àkọ́kọ́ dúró fún, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e sì ni ti ẹ̀sùn. Ó da gbólóhùn olùyẹ̀wò kọ bó ṣe wà gan-an, láì gé e kúrú, ó sì fi èsì rẹ̀ sísàlẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń gé ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò kúrú sábà máa ń gé ibi tó ta á lára jù, olùyẹ̀wò a sì rí i pé wọ́n ti fo òun. Tí ìbéèrè kan bá jọ èyí tó ti kọjá, a ó ṣì kọ ọ́, a ó sì sọ nọ́ńbà tí èsì rẹ̀ wà. Kò yẹ kí olóòtú máa wá èsì kiri.

Èsì 2.1 wá di báyìí: “A dúpẹ́ fún àkíyèsí yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a wọn ìfúnpá obìnrin kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín. A fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, a sì lo ìpíndọ́gba méjì tó kù, gẹ́gẹ́ bí ìlànà STEPS ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Abẹ́ tábìlì kejì ni a kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, níbi tí kò ti hàn sójú. Ó ti wà níbẹ̀rẹ̀ abala ìlànà báyìí, ojú ìwé 5, ìlà 112 sí 115.” Olùyẹ̀wò ló ṣì í, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì tọrọ àforíjì fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó sọ òótọ́, ó sì gbé gbólóhùn náà síbi tí gbogbo ẹni tó bá kà á yóò ti rí i. Bí onímọ̀ kan tí a dìídì ní kí ó fara balẹ̀ ka iṣẹ́ kò bá rí nǹkan, ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni kò ní rí i.

2.2 ni àtakò gidi wà, mo sì fẹ́ kí ẹ kíyè sí ètò gbólóhùn inú rẹ̀. “A gbà pé 140 lórí 90 ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń dá ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀. Síbẹ̀, a kò fi pípín sí méjì rọ́pò ìṣirò tí iṣẹ́ wa dúró lé, nítorí pé yóò ya obìnrin tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ jẹ́ 139 sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ní 141, yóò sì ka ẹni 141 àti ẹni 180 sí ọ̀kan náà. Douglas Altman àti Patrick Royston ti ṣàlàyé ohun tí irú ìpín bẹ́ẹ̀ ń gbé sọnù, nínú jọ́nà BMJ ní 2006. Kí òǹkàwé tó bá fẹ́ ìpín náà lè rí i, a ti ṣe ìṣirò tí olùyẹ̀wò béèrè, a sì fi í sí àfikún, tábìlì S3. Ọ̀nà kan náà ni àbájáde méjèèjì kọjú sí.”

Ohun tí wọ́n jọ gbà ló ṣíwájú. “A kò” tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, kò fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Olóòtú tó ń ka lẹ́tà ogún ojú ìwé kò ní àkókò láti máa tú èsì wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló túmọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni ìdí, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni lè fojú rí, kí ó tó wá kan ohun tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀ fún olùyẹ̀wò. Ohun tó mú àtakò náà le ni 139 àti 141 wọ̀nyẹn. Bí a bá mú wọn kúrò, tí a fi “kò bá ìmọ̀ ìṣirò mu” rọ́pò wọn, ó di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ohùn rẹ̀ a sì tún gbóná sí i. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó; ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ rere tí kò ní ìdí nínú kò lè yọ ohunkóhun.

Ní ti 2.3, olùyẹ̀wò béèrè fún ọdún kan, àmọ́ ọdún kan kọ́ ló ń kọ ọ́ lóminú. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé iṣẹ́ náà sọ ju ohun tí ó rí lọ. Ìwádìí tó bá èèyàn pàdé lẹ́ẹ̀kan lè sọ pé iyọ̀ àti ìfúnpá gíga jọ ń rìn. Kò lè sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ibí yìí, olùyẹ̀wò ló tọ̀nà, lẹ́tà sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ láìlọ́ra. Olùkọ́ wa yí “ń fa” padà sí “ń bá rìn” nínú àkọlé, nínú àkótán àti nínú ìparí, ó sì kọ ìlà tí ìkọ̀ọ̀kan wà. Ó wá fi kún un pé òun kò lè padà tọ àwọn obìnrin náà lọ, torí pé ìbẹ̀wò kan ṣoṣo ni wọ́n fọwọ́ sí, òun náà sì ni ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí a fi ṣe ìwádìí yọ̀ǹda. Ọ̀rọ̀ owó kò sí níbẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni pé owó kò sí, ṣùgbọ́n àìsówó kò sọ fún olùyẹ̀wò bóyá iṣẹ́ dúró dáadáa tàbí kò dúró.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń wá nínú lẹ́tà kí ó tó jáde. “Kedere”, “gẹ́gẹ́ bí a ti sọ tẹ́lẹ̀” àti “ó hàn gbangba” máa ń jẹ́ èébú tí a fi aṣọ bò. Àsọjù ọpẹ́ náà kò dáa: bí èsì ọgbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “a dúpẹ́ lọ́wọ́ olùyẹ̀wò ọlọ́gbọ́n yìí”, kò sí ọpẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ọpẹ́ kan níbẹ̀rẹ̀, àti ọ̀kan níbi tí olùyẹ̀wò ti ràn wá lọ́wọ́ ní tòótọ́, ti tó.

Èyí tó burú jù ni kí lẹ́tà sọ pé “a ti tún un ṣe” kí iṣẹ́ má sì yí padà. Nígbà mìíràn, kì í ṣe irọ́. Nọ́ńbà ìlà ló ti sún. Gbólóhùn tó wà ní ìlà 112 lánàá lè ti bọ́ sí 131 lẹ́yìn àfikún kan. Nítorí náà, ìgbà tí ohun gbogbo bá parí ni kí a tó kọ nọ́ńbà ìlà, kí ẹlòmíràn sì bá wa fi lẹ́tà wé iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tí olùyẹ̀wò méjì bá ń fà wá síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ọ̀kan ní ká gé abala kan, tí èkejì ní ká fẹ̀ ẹ́, a ó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn méjèèjì, a ó tọ́ka sí nọ́ńbà ara wọn, a ó yan ọ̀kan, a ó sì sọ ìdí. Ẹ̀sùn pé olùyẹ̀wò bú wa, tàbí pé ó ń fipá mú wa tọ́ka sí ìwé tirẹ̀, olóòtú nìkan ni a ń kọ ọ́ sí, nínú ìwé ọ̀tọ̀, torí pé àwọn olùyẹ̀wò sábà máa ń ka lẹ́tà ìfèsì. Àwọn jọ́nà kan tilẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú iṣẹ́ náà, bí EMBO Journal.

Olùyẹ̀wò lè padà wá lẹ́ẹ̀kejì kí ó ṣì dúró lórí 2.2. Kò yẹ kí a tún àlàyé kan náà kọ pẹ̀lú ohùn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. A ó fi gbólóhùn kan sínú abala ibi tí agbára iṣẹ́ mọ, pé àwọn onímọ̀ mìíràn yóò fẹ́ láti pín ìfúnpá sí méjì, pé tábìlì S3 fi èyí hàn. A ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé orí ibi tí a wà tẹ́lẹ̀ ni a ṣì wà, fún ìdí tí a ti sọ, kí olóòtú bá wa yanjú rẹ̀.