Fídíò Ayédèrú: Ibi Tí Ojú Mọ, Ibi Tí Ẹ̀rọ Mọ

Nígbà tí ọdún 2018 ń lọ sópin, ìjọba orílẹ̀-èdè Gàbọ̀n gbé fídíò kan jáde. Ààrẹ Ali Bongo ló ń kí àwọn ará ìlú kú ọdún tuntun nínú rẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá tí àìsàn ti gbé e dè ní Saudi Arébíà ni wọn kò ti gbúròó rẹ̀ dáadáa, àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ó ti kú. Fídíò náà kò fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ojú rẹ̀ le gbagidi, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú, apá rẹ̀ kan kò sì mira tó bó ṣe yẹ. Ni àwọn alátakò kan bá ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọjọ́ keje oṣù Kìíní ọdún 2019, àwọn ṣọ́jà kan já wọ ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Libreville láti gbàjọba, wọ́n sì mẹ́nu ba ìkíni ọdún tuntun yẹn. Ìdìtẹ̀ náà forí ṣánpọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àwọn onímọ̀ tó yẹ fídíò náà wò kò rí ẹ̀rí pé wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Rọpárọsẹ̀ ló kọ lu Bongo, àìsàn yìí sì máa ń mú kí ojú le, kí apá má sì yá.

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú yẹn kò ṣàdédé wá. Lọ́dún 2018 kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Albany ní New York rí i pé àwọn ojú tí kọ̀ǹpútà ń dá kì í ṣẹ́jú bí ti èèyàn. Fọ́tò ni ẹ̀rọ fi ń kọ́ ojú, fọ́tò tí ojú ti là sílẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ báyìí, kò pẹ́ tí àwọn ayédèrú tó ń ṣẹ́jú fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí àmì kan bá ti di mímọ̀, àwọn oníṣẹ́ yìí á tún un ṣe.

Àmì tó ṣì wúlò ni kí apá kan fídíò má bá ìyókù mu. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn kan já wọ ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Yukréènì, wọ́n sì gbé fídíò kan síbẹ̀ níbi tí Ààrẹ Zelensky ti ń sọ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ohun ìjà. Orí rẹ̀ tóbi ju ara lọ, àwọ̀ ojú yàtọ̀ sí ti ọrùn, ara dúró gbọn-in nígbà tí orí nìkan ń mira, ohùn sì wúwo ju tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, ibi tí nǹkan ti pàdé ni kí ẹ wò: ìsàlẹ̀ àgbọ̀n àti ọrùn, etí irun, eyín bí ẹnu ṣe ń là, àti ojú nígbà tí ọwọ́ bá kọjá níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rọ ayẹ̀wò ńkọ́? Facebook àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ṣe ìdíje kan lórí èyí, ó sì parí lọ́dún 2020. Àwọn tó kópa lé ní 2,000. Lórí irú fídíò tí wọ́n ti mọ̀, èyí tó dára jù gba bí 82 nínú 100. Nígbà tí wọ́n gbé fídíò tí ẹ̀rọ kankan kò rí rí kalẹ̀, kò sí èyí tó kọjá bí 65. Ìdí ni pé ipa tí ọgbọ́n àtijọ́ ń fi sílẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ́, ọgbọ́n tuntun sì máa ń fi ipa mìíràn sílẹ̀. Ìpa yìí tún kéré gan-an: bí fídíò bá ti gba WhatsApp kọjá, a máa sún un kì kó lè fúyẹ́, ìpa náà á sì máa parẹ́ lọ.

Bí ẹ̀rọ bá sọ pé 70 nínú 100, àbá ló dá. Bí kò bá sì rí nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé òótọ́ ni. Fídíò gidi tó ti pẹ́, tí ẹnì kan kọ irọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àná ló ṣẹlẹ̀, á yege lójú ẹ̀rọ láìní àbùkù kankan.

Ní Yukréènì, ohun tó parí ọ̀rọ̀ ni pé Zelensky fúnra rẹ̀ yára jáde lórí ojúlé rẹ̀ láti sọ pé irọ́ ni. Ní Gàbọ̀n, ìjọba ti fi àìsàn Ààrẹ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sì sí ohun mìíràn púpọ̀ tí ará ìlú lè fi wé fídíò náà. Nítorí náà, kí ẹ tó gbà á gbọ́ tàbí kí ẹ tó pè é ní ayédèrú, ẹ wá ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹ wá odindi rẹ̀ tí wọn kò gé, kí ẹ sì wo bóyá ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ ya tirẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.